Àjà Tó Já Lẹ́yìn Òjò: Ìrántí Àwọn Kíláàsì Abúlé Ìbàdàn

Àjà kíláàsì kì í sábà já lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ débẹ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ inú abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà àti Ìròkò ní ìhà Akínyẹlé, dé Làlùpọn ní Lágelú, dé Erúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Akànràn ní Ọ̀nà-Àrà, omi lè máa kán sórí àjà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rántí ni òru tí òjò ńlá rọ̀, tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì bá àjà lórí àga àti tábìlì. Òjò òru yẹn ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ẹni tó bá gun àkàbà wo òkè yóò rí i pé ohun tó bà á jẹ́ ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà dìde nígbà ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ìjọba. Olóyè S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé ètò náà kalẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà jẹ́ nǹkan bí 457,000. Nígbà tí 1955 dé, wọ́n ti lé ní 800,000. Ibi tí wọn yóò jókòó sí kò lè dúró de ìgbà tí owó bá pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn ará ìlú ló po amọ̀, tí wọ́n sì gé igi. Káfíńtà àdúgbò kan òrùlé, bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ògiri, páànù sì bo orí rẹ̀. Ilé gígùn kan ni wọ́n máa ń kọ́, tí wọ́n á fi ògiri pín in sí kíláàsì mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí gbogbo wọn yóò sì wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 1976, àwọn ilé oníbúlọ́ọ̀kù dé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kan òrùlé kò yí padà púpọ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ jókòó nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò mọ àjà. Bí wọ́n bá gbójú sókè, páànù àti ẹkẹ ni wọ́n ń rí. Oòrùn ọ̀sán a máa mú wọn gan-an, bí òjò bá sì dé, ariwo rẹ̀ lórí páànù kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tíṣà. Ṣe ni tíṣà á fi chọ́ọ̀kì sílẹ̀ títí òjò yóò fi dá. Ìdí nìyí tí inú àwọn òbí àti tíṣà fi dùn nígbà tí owó yọ láti fi àjà sí i. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà lò. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló tàn kálẹ̀ jù, nítorí pé kì í jóná, ikán kì í jẹ ẹ́, ó sì dára lójú bí wọ́n bá kùn ún lẹ́fun. Ooru dín kù, ariwo náà sì rọlẹ̀. Ohun kan ni kò sí ẹni tó kà sí: láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rí abẹ́ òrùlé mọ́. Páànù tó bá lu, tó ti máa ń kán sórí ìwé ọmọ tẹ́lẹ̀ kí ọmọ náà sì ké sí tíṣà, wá ń kán sórí àjà láìsí ẹlẹ́rìí.

Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé kò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ojú ìṣó. Ibi tí páànù yọ sókè ló yẹ kí ìṣó wọlé, nítorí pé omi kì í dúró níbẹ̀. Káfíńtà tó bá kan án sí ibi tó rì ti kan án sójú odò. Lábẹ́ orí ìṣó, ó yẹ kí rọ́bà tàbí awọ tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà wà láti dí ihò náà. Oòrùn ọdún mẹ́wàá a máa gbẹ rọ́bà yìí títí yóò fi là, ìjì a sì máa gbọn páànù títí ihò yóò fi fẹ̀ ju ìṣó lọ. Ìjì tó burú jù kì í ṣe ti àárín òjò. Ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí afẹ́fẹ́ máa ń ṣáájú òjò bí ẹni pé ó fẹ́ kó ilé lọ. Ìjì yìí lè má ṣí páànù, kó kàn gbé etí rẹ̀ díẹ̀ kó sì dá a padà. Láti ilẹ̀, ohun gbogbo dà bíi ti àná. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje yóò wá máa gba ibi tí ìjì oṣù kẹta ṣí wọlé.

Ó ṣe é fi ìṣirò wò. Ká mú kíláàsì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24, tó sì fẹ̀ ní 20, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n tó wọ́pọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí àgbàrá ya wọ Ìbàdàn tó sì gbé afárá àti ilé lọ, nǹkan bí mìlímítà 187 òjò ló rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Irú òjò bẹ́ẹ̀ lórí kíláàsì kan péré lé ní lítà 8,000 omi, bíi dúrọ́ọ̀mù 40. Bó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ojú ìṣó wọlé, ìyẹn ti tó kẹ́ẹ̀gì lítà 20 mẹ́rin, tí ẹnì kan sì dà sórí àjà láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Àjà kíláàsì wa yìí yóò gba asibẹ́sítọ́ọ̀sì 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ á tó kìlógíráàmù mẹ́sàn-án. Bó bá mu omi yó, á sún mọ́ 11. Ìyẹn nìkan kò burú. Ohun tó ń já àjà ni omi tó dúró lójú kan. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó ti rọ̀ díẹ̀ láàárín a máa ṣe ikùn, omi á sì ṣàn lọ bá ikùn náà, yóò tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, ibẹ̀ á sì tún gba omi púpọ̀ sí i. Omi sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 15. Ká tún fi ìdọ̀tí kún un: ewé gbígbẹ tí ìjì gbé wọlé, ìtẹ́ eku, àti ìgbẹ́ òòbẹ̀. Òòbẹ̀ fẹ́ràn inú òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, nítorí pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, kò sì sí ẹni tó ń dà wọ́n láàmú ní òru. Ìgbẹ́ wọn lórí àjà ọlọ́dún púpọ̀ lè nípọn tó ìka, bó bá sì mu omi, á di ẹrù tí káfíńtà kò rò mọ́ ọn nígbà tó ń kan án.

Ìṣó ló sì gbé gbogbo ẹrù yìí dúró, ìṣó tí wọ́n kàn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè sínú igi onínṣì méjì. Ìṣó tí wọ́n kàn láti òkè wá sílẹ̀ máa ń lágbára sí i bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ti àjà kò rí bẹ́ẹ̀: ẹrù ń fà á jáde tààrà, gírí tí igi fi dì í mú ni kò jẹ́ kó yọ. Igi tó bá rẹ omi a máa wú; bó bá gbẹ, a máa súnkì. Ní Ìbàdàn, òjò máa ń dẹwọ́ ní oṣù kẹjọ, kó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Ọdún kan ṣoṣo lè fún igi àjà ní wíwú àti gbígbẹ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń tú gírí ìṣó díẹ̀díẹ̀. Ìpẹtà á wá jẹ ìyókù. Bí asibẹ́sítọ́ọ̀sì kan bá já, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú èkejì á fa èkejì náà, èkejì á fa ẹ̀kẹta. Ìdí nìyí tí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fi máa ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí apá kan àjà yóò sì dúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Àmì ìkìlọ̀ kì í sọnù. Òbìrìkìtì aláwọ̀ tíì tó yọ lójú ẹfun ni àkọ́kọ́. Òjò kọ̀ọ̀kan máa ń fi òbìrìkìtì tirẹ̀ yí ti àtijọ́ ká, débi pé ẹni tó bá fojú sí i lè kà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikùn, èyí tí ojú lásán lè má rí. Okùn tí wọ́n bá na láti ògiri dé ògiri lábẹ́ àjà yóò fi í hàn kíá. Ẹ̀kẹta ni orí ìṣó. Bí orí ìṣó bá yọ síta, igi ti ń tú u sílẹ̀. Bí orí ìṣó bá sì wọ inú asibẹ́sítọ́ọ̀sì lọ tó fi ihò sílẹ̀, asibẹ́sítọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ kúrò lára ìṣó, ìyẹn ló sì súnmọ́ jíjá jù. Àwọn ọmọ máa ń rí nǹkan wọ̀nyí ju tíṣà lọ, nítorí pé àwọn ló ń jókòó sábẹ́ wọn. Ó dunni pé láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá ń wo òkè nígbà tí tíṣà ń kọ́ni, pàṣán ló máa ń gbà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí àjà bá já, ohun tí wọ́n máa ń bá nínú kíláàsì kò yàtọ̀ púpọ̀ láti abúlé kan sí èkejì. Omi á wà nílẹ̀, asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó fọ́ yángá á sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ òòbẹ̀ àti ewé. Àga onígi tí àwọn ọmọ mẹ́rin ń jókòó lé lè ti kán. Àwòrán máàpù tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri á ti rẹ, ìwé tí tíṣà kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù á ti lẹ̀ mọ́ra. Igi àjà pẹ̀lú ìṣó tó yọ orí á máa rọ̀ láti òkè. Lójú ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, ohun tó wà nílẹ̀ ni ìbàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣì wà lókè ló léwu jù.

Ní àwọn ọdún náà, ohun tí ọ̀pọ̀ hẹ́dímásítà ṣe ni pé wọ́n pe àwọn ọmọkùnrin kíláàsì ńlá pé kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ wá. Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n kó àfọ́kù, wọ́n sì gbá eruku rẹ̀ jáde nígbà tó gbẹ. Ní ibòmíràn, wọ́n fi àfọ́kù náà dí kòtò ojú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó ṣe é pẹ̀lú ìwà ìkà. Àwọn ọmọ ló ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ wọn nígbà náà, bí wọ́n ti ń roko náà ni wọ́n ń gbálẹ̀. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé fọ́nrán tó wà nínú asibẹ́sítọ́ọ̀sì, tí ojú kò lè rí, a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, àìsàn náà sì lè gba ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó farahàn. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó dúró lódindi lókè, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ewu rẹ̀ kéré. Ìgbà tó bá fọ́ tí wọ́n sì gbá a ní gbígbẹ ni eruku rẹ̀ ń fò.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbálẹ̀. Títi ilẹ̀kùn ni, kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn kíláàsì tí àjà rẹ̀ já nìkan. Òrùlé kan ló bo gbogbo ilé gígùn náà, ìjì kan ló gbọn ọ́n, ọwọ́ káfíńtà kan ló sì sábà kan án. Kíláàsì kejì tí àjà rẹ̀ kò tíì já lè wà ní òjò kan sí jíjá. Hẹ́dímásítà tó mọ iṣẹ́ á kó gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé náà jáde, á sì yan àgbàlagbà kan tì í, nítorí pé ọmọ tó rántí pé òun gbàgbé síléètì sínú kíláàsì á fẹ́ yọ́ wọlé lọ mú un. Ibi tí iná mànàmáná bá ti dé abúlé, wọ́n gbọ́dọ̀ pa á láti ibi tó ti wọ ilé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ omi inú kíláàsì, torí wáyà tó gba orí àjà lè ti já sínú omi náà.

Lẹ́yìn tí omi bá dá kíkán, àwọn àgbàlagbà ló ń wọlé. Gbogbo asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó kù lókè ní kíláàsì náà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, títí kan èyí tó dà bí ẹni pé ó le. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti kùnà nìyí. Owó kò sí, torí náà wọ́n á fi àjẹkù àjà sílẹ̀ lókè, wọ́n á sì pààrọ̀ èyí tó já nìkan. Ìṣó tó mú àjẹkù náà dúró ti rí òjò kan náà. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni káfíńtà ti ń bẹ̀rẹ̀, kó lè máa dúró lábẹ́ ibi tó ti ṣófo, kó sì máa lọ sí iwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹni méjì ló ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ kó má bàa fọ́. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń rìn lórí àjà láti òkè. Wọ́n á fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ó kéré tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ lásán kò dá fọ́nrán náà dúró tán. Ìbòmú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ eléruku ló dára jù. Wọ́n á máa wọ́n omi sórí àfọ́kù nígbà gbogbo kó má gbẹ, wọ́n á fi ọwọ́ kó o, wọn kò ní fi ìgbálẹ̀ gbá a. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí, ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n tó sin ín jìnnà sí kànga àti sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Kò yẹ kí wọ́n sun ún, torí iná kì í pa fọ́nrán náà, asibẹ́sítọ́ọ̀sì inú iná a sì máa bú gbàmù tí àfọ́kù rẹ̀ á fò káàkiri. Ilẹ̀ kíláàsì ni wọ́n á fi àkísà tútù nù kẹ́yìn, wọ́n á sì sin àkísà náà pẹ̀lú ìyókù.

Lẹ́yìn èyí, ẹkẹ hàn síta fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ níbí, òun náà sì ni wọ́n máa ń fò jù, torí pé ilẹ̀ ti mọ́, gbogbo ènìyàn sì ti fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Káfíńtà á fi òòlù kan igi kọ̀ọ̀kan. Igi tó le a máa dún ketekete. Èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ a máa dún bí ohun tó ṣófo. Á fi ẹnu ọ̀bẹ gún ibi tí igi ti jókòó lórí ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ń pẹ́ sí jù. Bí ọ̀bẹ bá wọlé láìsí wàhálà, igi náà ti jẹrà. Ojú ọ̀nà ikán, èyí tó dà bí okùn amọ̀ tó ń gun ògiri lọ sókè, kì í purọ́. Apá, ìrókò àti ayin ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Arère, tó fúyẹ́ tó sì rọrùn láti gé, kì í lè kọ ikán, bẹ́ẹ̀ òun ló wọ́pọ̀ níbi tí owó kò ti pọ̀. Igi tó bá jẹrà, pípààrọ̀ ni. Èyí tí wọ́n bá fi igi mìíràn lẹ̀ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó jẹrà dáadáa ní ìhà méjèèjì.

Ògiri amọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí omi bá ti gba orí ògiri wọ inú rẹ̀, èèpo sìmẹ́ńtì ìta lè dúró dáadáa nígbà tí amọ̀ inú rẹ̀ ti rọ̀. Ẹni tó bá fi ìka kàn án á gbọ́ pé ó dún yàtọ̀ níbi tí èèpo ti kúrò lára amọ̀. Bíríkìlà á fi okùn tí òkúta so nídìí wo bóyá ògiri ṣì dúró gangan. Bí ògiri bá sán, a máa rẹ́ sìmẹ́ńtì tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lójú sísán náà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, a sì máa fi ìṣó fa ọjọ́ tó ṣe é síbẹ̀. Bí sìmẹ́ńtì náà bá tún sán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ògiri ṣì ń rìn. Bí kò bá sán, sísán náà ti àtijọ́ ni. Àyẹ̀wò yìí kò náni lówó, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù, kò sì sí ọ̀nà àbùjá.

Ìdí ìjò ni wọ́n ń wá kẹ́yìn. Ní ọ̀sán gangan, káfíńtà á wọ inú kíláàsì, á ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, á sì wo òkè. Ihò kọ̀ọ̀kan tó wà lára páànù á máa tàn. Ẹni kejì tó wà lórí òrùlé, lórí pákó tó gba orí igi méjì kó má bàa tẹ páànù, á fi chọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹni ìsàlẹ̀ bá pè. Ìṣó tó ti tú ni wọ́n ń yọ, wọ́n á fi èyí tó nípọn jù ú tó sì ní rọ́bà tuntun rọ́pò rẹ̀. Ihò kékeré gba kólítà pẹ̀lú aṣọ. Páànù tí ìpẹtà ti jẹ títí tó fi rí bí asẹ́ kò gba kólítà mọ́. Kólítà lórí irú rẹ̀ á dí i fún àkókò òjò kan, lẹ́yìn náà á tún jò, lábẹ́ àjà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ná owó lé. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á gbé omi gun òrùlé, wọ́n á da á láti ṣónṣó wá sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹni kan á sì wà nínú láti wò ó. Òjò gidi kan ṣì dára ju garawa omi lọ, torí afẹ́fẹ́ a máa ti òjò gba ibi tí omi garawa kò ní dé.

Gbogbo èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè gba gbogbo sáà ẹ̀kọ́ kan. Ìwé tí hẹ́dímásítà kọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ máa ń pẹ́ kó tó gba èsì, nítorí náà baálẹ̀ àti Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ló sábà ń dá owó páànù àti ìṣó. Láàárín àkókò náà, àwọn ọmọ wà lábẹ́ igi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ní àgbàlá mọ́sálásí. Ní ibi tí kíláàsì bá ṣì kù lábẹ́ òrùlé mìíràn, apá kan ń kàwé ní òwúrọ̀, apá kejì ní ọ̀sán. Ìgbà tí wàhálà máa ń dé ni ìgbà tí ìdánwò bá súnmọ́ tí òjò kò sì jẹ́ kí abẹ́ igi ṣe é jókòó sí. Nígbà náà ni òbí, tíṣà, àti àwọn ọmọ fúnra wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí kíláàsì, wọ́n ti gbálẹ̀ rẹ̀ ṣáà. Hẹ́dímásítà tó kọ̀ nígbà náà ṣe ohun tó le.

Ọ̀rọ̀ bóyá kí wọ́n tún fi àjà sí i kò yẹ kó dá ìpadàbọ̀ àwọn ọmọ dúró. Kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ti dára, tí ẹkẹ rẹ̀ sì hàn síta, kò ní ohun tí yóò já lù wọ́n. Ooru àti ariwo á padà, ìnira gidi sì ni fún ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n bí páànù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò, gbogbo ojú ni yóò rí i lọ́jọ́ náà. Bí owó bá dé fún àjà, ó yẹ kí káfíńtà fi ojú kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè ṣí láti fi àkàbà wo òkè, kó sì fi àwọ̀n dí etí òrùlé kí òòbẹ̀ má bàa wọlé. Ìṣó tó ní ìlà ìdábùú lára dára ju ìṣó dídán lọ láti mú àjà dúró. Wíwò lókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó, lẹ́yìn ìjì oṣù kẹrin àti nígbà tí òjò bá dẹwọ́ ní oṣù kẹjọ.

Ilé mìíràn wà tí wọn kò dá ọmọ padà sí mọ́. Bí ìlà ṣónṣó òrùlé bá ti tẹ̀ ní àárín, bí ògiri bá ti fì síta, tí sìmẹ́ńtì ojú sísán sì tún sán, kò sí páànù tuntun tó lè tún un ṣe. Wọ́n á tú òrùlé ká, wọ́n á yọ páànù àti igi tó ṣì dára fún ìlò ibòmíràn, wọ́n á sì wó ògiri náà lulẹ̀ kí òjò tó wó o fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ á máa kàwé lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí wọn yóò fi kọ́ òmíràn.